Ìka Onílàálì Tó Ṣe Ìyá fún Ọmọ Tòlótòló

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ìjàpá, kò sì sí ẹranko kankan tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí òṣùpá bá ti yọ, ìyá ìyá mi a kó wa jọ sí àgbàlá, a ó máa gbọ́ bí ẹyẹ ṣe bá ọba jiyàn. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà pé ẹyẹ ń gbọ́ èdè ènìyàn. Mo dàgbà tán, mo ní irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló dá mi padà sídìí ìgbàgbọ́ yẹn, nítorí ojú mi báyìí ló ṣe nígbà tó ń bá ọmọ tòlótòló sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń dá a lóhùn. Ìka ló fi ń bá wọn sọ ọ́.

Ìyá Àjẹyó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sí ẹni tí ebi ń pa tó wọ ilé rẹ̀ tó tún gbé ebi náà jáde. Oúnjẹ ló ń sè tà nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì gbà fún un, bí owó ọwọ́ rẹ kò bá sì tó, á ní, "Jókòó kí o jẹun, owó kì í kún inú." Bí ó bá bu oúnjẹ fún ọ tí o ní ó tó, yóò wo àwo, yóò wo ojú rẹ, yóò tún bu ṣíbí kan lé e. Àmì kan ṣoṣo ló fi ń mọ̀ pé ènìyàn ti yó: kí oúnjẹ ṣẹ́ kù nínú àwo. Bí o bá fọ àwo mọ́ féfé fún un, ebi ṣì ń pa ọ́ lójú tirẹ̀ nìyẹn.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Yàrá méjì ni ilé náà ní, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí àgbàlá. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ kí ó tó kú. Ògiri yẹn fẹ́lẹ́. Bí ó bá wúkọ́, èmi á kí i pẹ̀lẹ́ láti ilé ìdáná mi. Òun náà á dáhùn pé, "O ṣé o, ìyàwó wa. Iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù, mo gbọ́ òórùn rẹ̀." Mo ti bi í títí, ta ló ń gbọ́ òórùn iyọ̀?

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin. Káfíńtà ni, ìlú mìíràn lòun àti ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé. Ó ti ń rákò kí n tó wọlé ọkọ, n kò sì lè pe orúkọ rẹ̀. Ọkọ Káfíńtà ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Màmá Kékeré. Nígbà tí orúnkún ìyá rẹ̀ kọ̀ tí kò lè dúró nídìí iná mọ́, ó wá.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi."

"Kí n lọ ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ẹ lọ jókòó. Kí ẹ sinmi."

"Ṣé àga ni mí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò rín. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn: kí ó di àlejò nínú ilé tí ẹlòmíràn ti ń bu oúnjẹ, kí wọ́n máa gbé àwo tirẹ̀ náà wá síwájú rẹ̀ lórí àga. Ó ní kí ọmọ fún òun láyè díẹ̀, òun yóò wá ohun tí òun lè máa jókòó ṣe.

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ọjà tó ní ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin di ọmọ, láìsí àgbébọ̀ tó sàba lé e. Bàbá Ẹlẹ́rọ ni a ń pè é. Adìẹ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń pa, ṣùgbọ́n ó máa ń kó ẹyin tòlótòló sínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyá Àjẹyó lọ gba ọmọ tòlótòló lọ́wọ́ rẹ̀, páálí méjì, wọ́n ń ké ṣíò-ṣíò bí ọmọdé tó ń dúró de oúnjẹ. Bó ṣe gbọ́ igbe yẹn ni inú rẹ̀ dùn. Àwọn tí òun yóò máa bọ́ tún ti dé.

Ó kó wọn sínú páálí ńlá onígun mẹ́rin ní yàrá kejì, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sí ìsàlẹ̀ kí ó lè mọ́. Ó bu omi sí abọ́ jíjìn kí ó má baà tètè tán. Ó kó oúnjẹ jọ gègèrè sínú àwo bí òkè. Wọ́n ń rìn kọjá lára oúnjẹ náà. Òmíràn gun orí rẹ̀, ó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wọlé, mo rí i tó gbé ọmọrí lé àwo náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ní jẹ ẹ́ mọ́ ni?"

"Wọ́n ti yó," ló wí. "O ò rí i pé ó ṣẹ́ kù? Kí eṣinṣin má baà bà lé e. Bí ebi bá pa wọ́n, wọn á ké."

Wọn kò ké. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní ọmọ tó yó kì í da ilé láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń ṣubú sínú abọ́ omi, tí ẹsẹ̀ òmíràn ń yọ̀ lórí ìwé ìròyìn títí tó fi là gbàgà sí ọ̀tún sí òsì tí kò lè dìde mọ́. Bí òtútù bá mú wọn, gbogbo wọn á sá sí igun páálí, wọn á gun orí ara wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní rí èémí mí. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn kò tó nǹkan. Àwọn tó pọ̀ jù kàn dúró jẹ́ẹ́ ni, ìyẹ́ wọn rọ̀, ojú wọn ń pa dé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ń fi ṣọ́bìrì kó wọn.

Obìnrin kan ládùúgbò ní ojú burúkú ni. Ìyá Àjẹyó ní kò sí ojú kankan, ọjà àìsàn ni wọ́n tà fún òun, ó sì ránṣẹ́ pe Bàbá Ẹlẹ́rọ kí ó wá wo ohun tó tà. Ọkùnrin náà wá, ó kí i dáadáa, ó mú òkú kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ọrùn ti pàdé àyà, níbi tí àpò oúnjẹ ẹyẹ máa ń wà. Lẹ́yìn náà ó fi abẹ la iwe rẹ̀. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ àfi èérún ìwé ìròyìn.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí. "Ebi ló pa wọ́n."

Mo wà níbẹ̀. Bí ó bá ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ níkùn, n kò rò pé ojú rẹ̀ ìbá yí pa dà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ebi," ló wí. "Nínú ilé mi."

"Kì í ṣe pé ẹ ò fún wọn. Wọn ò mọ̀ pé oúnjẹ ni. Adìẹ lè dá ara rẹ̀ kọ́. Ọmọ tòlótòló ò gbọ́n bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n fi hàn án. Ohun kékeré kan ló ń tan ènìyàn jẹ: wọ́n gbé díẹ̀ nínú pupa ẹyin wá sáyé nínú ikùn wọn, ìyẹn ni wọ́n ń jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ni ẹ fi rò pé wọ́n yó. Ìgbà tó tán ni wọ́n dákẹ́."

Ìyá Àjẹyó kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ìròyìn kàn dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, òun náà wá, kò pariwo lé e lórí. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní kí ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i bí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bí èyí náà bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun ń bọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀, kò sì ní sí àríyànjiyàn. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó dáa." N kò gbọ́ ọ kí ó sọ ó dáa bẹ́ẹ̀ rí, ní ohùn kékeré.

Ó wá lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́rọ fúnra rẹ̀, mo bá a lọ. Ó jókòó, ó sì béèrè bí ọmọ iléèwé.

"Ta ló ń fi hàn wọ́n nígbà tí kò sí ẹ̀rọ?"

"Ìyá wọn ni. Yóò máa ṣá oúnjẹ lẹ́nu kó-kó-kó, yóò máa ké sí wọn. Wọn á wo ẹnu rẹ̀, wọn á ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹnu rẹ̀ pọ́n ni wọ́n fi ń wò ó?"

Bàbá Ẹlẹ́rọ rẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ̀ ò pọ́n tó bẹ́ẹ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá pọ́n, tàbí tó ń dán, ojú wọn ń tètè mú un. Ohun tó bá sì ń mira ni wọ́n ń lọ bá."

Bí a ṣe ń bọ̀, ó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta làálì. Ọjọ́ kejì, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pọ́n yòò láti ojú èékánná dé oríkèé. Ìka kan péré. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi rí i lẹ́nu ẹ̀rọ omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ìka kan? Ṣé làálì ló tán ni?"

"Ìka tí mo fẹ́ fi fẹ́ ọkọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ kun mẹ́wàá, ọkọ wo lẹ rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nínú garawa.

Kí àwọn ọmọ tuntun tó dé, ó ti tún yàrá náà ṣe. Ó ní adìẹ díẹ̀ tó ń jẹ̀ ní àgbàlá, àwọn ni Bàbá Ẹlẹ́rọ kọ́kọ́ ní kí ó mú kúrò. Ó ní adìẹ máa ń gbé àrùn ẹ̀dọ̀ kiri tí kò ní ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n tòlótòló tó bá tẹ ilẹ̀ tí adìẹ ti ṣu sí, ìgbẹ́ rẹ̀ á di aláwọ̀ ìyeyè, á sì kú. Gbogbo adìẹ náà di tèmi. Ó ní, "Ìyàwó wa, mo fi wọ́n ṣe ẹ̀bùn fún ọ," lẹ́yìn náà ló ní kí n má fi bàtà mi wọ yàrá òun mọ́. Bàtà kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, òun nìkan ló ń wọ̀ ọ́, inú yàrá náà nìkan ló sì ń wọ̀ ọ́ dé.

Ó gé páálí gígùn, ó rán an pọ̀ yípo bí agbada ńlá, kò ní igun kankan tí wọ́n lè rọ́ ara wọn sí. Ó da pàǹtí pákó tí àwọn káfíńtà àdúgbò fá sílẹ̀, ó tẹ́ àpò ìdọ̀họ lé e, nítorí ọmọ tòlótòló tí kò tíì mọ oúnjẹ lè jẹ pàǹtí yó. Àpò náà rí ṣákáṣàka, ẹsẹ̀ kò sì yọ̀ lórí rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ tí ẹyín iná wà nínú rẹ̀ ló gbé sáàárín, ó fi wáyà yí i ká. Ó máa ń ṣí òkè fèrèsé díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ èédú má baà pa wọ́n. Omi wà nínú àwo pẹlẹbẹ tí ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sí, wọ́n lè ki ẹnu bọ àlàfo òkúta, ṣùgbọ́n wọn kò lè rì.

Nígbà tí wọ́n dé, ó mú wọn jáde nínú páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ki ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹnu nìkan, kò jẹ́ kí omi kan ihò imú, ó dúró títí ọ̀fun yóò fi mì, kí ó tó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dojú bolẹ̀, ó gbé ikùn lé orí ẹní, orúnkún tí kò jẹ́ kí ó dúró kò ní kí ó má dùbúlẹ̀. Ó fi ìka pupa náà ṣá oúnjẹ nínú àwo pẹlẹbẹ, kó-kó-kó. Ó ń pè wọ́n:

"Ẹ wá, ẹ wá, ẹ̀yin ọmọ aláìníyàá,
Ẹ ṣá a, ẹ gbé e mì,
Ilé mi kì í fi ebi sun ènìyàn."

Ọ̀kan wò ó. Ó fi orí gba ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún fi gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó wá ṣá ìka náà. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣèèṣì bá oúnjẹ, ó gbé e mì. Òmíràn rí i, ó sáré wá. Mo rántí pé n kò mọ ìgbà tí mo ti jókòó sílẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ó máa ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ àpò ọrùn wọn. Èyí tí tirẹ̀ bá kún, á ní, "Máa lọ." Èyí tí ó bá ṣófo, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo, á tún bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò tún wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú àwo mọ́.

Mo ń gbọ́ kó-kó-kó yẹn láti ara ògiri nígbà tí mo bá ń dáná. Ó bá ìró ọ̀bẹ mi mu lórí pákó ìgẹ́lùbọ́sà. Bí ooru bá pọ̀ jù, wọn á sá jìnnà sí ìkòkò, wọn á ya ẹnu. Á dín ẹyín iná kù. Bí wọ́n bá ṣù mọ́ ọn, á fi kún un. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan ń sùn, inú rẹ̀ dùn. Àwọn tó kú kò ju ìwọ̀nba, àwọn tó ti wá pẹ̀lú ara àìlera.

Afẹ́fẹ́ òjò kan ló wá fẹ́ bà á jẹ́. Ọ̀sán ni. Ó ti lọ ra oúnjẹ tòlótòló lọ́dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́rọ, nítorí ó ti kọ́ pé oúnjẹ òròmọdìẹ kò lágbára tó fún wọn. Mo gbọ́ igbe láti ara ògiri, kì í ṣe ṣíò-ṣíò ti tẹ́lẹ̀, igbe kan ṣoṣo tó mú gan-an. Mo bọ́ bàtà, mo sáré wọlé. Afẹ́fẹ́ ti já pákó fèrèsé sílẹ̀, òjò ń fọ́n wọlé, iná ti kú nínú ìkòkò, gbogbo wọn ti rọ́ mọ́ ara páálí níbi tí òjò kò dé, wọ́n gun ara wọn bí ìdì igi. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì tú wọn ká, bí mo ṣe ń tú wọn ni wọ́n ń padà. Ìyá Àjẹyó dé pẹ̀lú àpò oúnjẹ lórí, omi ń kán lára rẹ̀.

"Gbé ẹ̀yìn rẹ dí fèrèsé, ìyàwó wa," ló wí. Mo gbé ẹ̀yìn mi dí i. Òjò nà mí ní ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn bí olùkọ́.

Ó wa pàǹtí tútù jáde, ó da gbígbẹ sí i, ó dá iná, ó fi aṣọ gbẹ wọn. A rí òkú nísàlẹ̀ ìdì náà, kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó kù kò lọ sídìí oúnjẹ. Wọ́n dúró, ìyẹ́ wọn rọ̀, ojú wọn ń pa dé, gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Ó tẹ ọrùn wọn: òfìfo. Òwúrọ̀ yẹn gan-an sì ni ọmọ rẹ̀ ti dá tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ó bá ìyá rẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀. Ó kí mi lọ́dẹ̀dẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì rí ìyá tó bí i lórí ilẹ̀, apá kan nà sínú páálí, tó ń fi ìka ṣá oúnjẹ, tó ń kọrin ní ohùn tó ti há.

"Màmá. Kí ló ṣe yín? Ẹ ṣubú ni?"

"Rẹ ohùn sílẹ̀. O ń dẹ́rù bà wọ́n."

"Màmá, mo ti wí fún yín. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dìde, kí a di ẹrù."

"Bọ́ bàtà rẹ. Dùbúlẹ̀."

Ó wò mí. Mo gbé ojú kúrò. Ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ, ta ni ń dá sí i? Ó bọ́ bàtà. Ọkùnrin tó ga tó ẹnu ọ̀nà, tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì páálí náà.

"Fi ìka rẹ ṣá a. Bí tèmi."

Ó ṣá a. Kò sí èyí tó wò ó.

"Ìka mi ò ní làálì, Màmá."

"Bàbá rẹ náà ò ní ju ìka lásán lọ tó fi kọ́ ilé yìí. Wá nǹkan."

Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, bí àwọn káfíńtà ṣe ń ṣe, ó yọ pẹ́ńsùlù pupa tó fi ń fa ìlà sára pákó. Ó fi ẹnu rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó ṣá oúnjẹ náà, kó-kó-kó. Ọmọ tòlótòló kan la ojú. Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wá, ó ṣá pẹ́ńsùlù náà.

"Ó ń jẹ ẹ́," ni ọmọ wí.

"Kò tíì jẹ nǹkan. Pẹ́ńsùlù ló ṣá. Má dúró."

Kò dúró. Òun lápá ibí, ìyá rẹ̀ lápá ọ̀hún, ẹ̀rọ méjì tí kò bára mu. Nígbà tí oòrùn dé ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti yí i ká, wọ́n ń gun ọwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ó ń rákò. Èmi gbé oúnjẹ wá. Kò sí èyí tó bojú wo àwo mi nínú àwọn méjèèjì. Ìyá rẹ̀ mú ọ̀kan, ó gbé àtàǹpàkò ọmọ rẹ̀ lé ibi tí ọrùn ti pàdé àyà.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó le. Ó kún."

"Gbé e sílẹ̀. Mú òmíràn."

Lọ́sàn-án yẹn ó kan pákó fèrèsé náà pa dà, ó fi ìdè irin tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ló jáde wá bá mi lẹ́nu ìdáná. Àpò tí ó mú wá láti fi di ẹrù ìyá rẹ̀ ṣì wà ní apá rẹ̀, ó ká a ní mẹ́rin.

"Màmá Kékeré," ló wí, "ẹni tí mo wá mú lọ, n kò mọ̀ pé ó ní ọmọ lọ́wọ́."

Mo ní, "Ọkọ Káfíńtà, abiyamọ kì í bá ènìyàn rìnrìn àjò lásìkò yìí."

"Mo ti rí i." Ó wo ọ̀nà yàrá náà. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ìkórè ni mo ń bọ̀. Kí n wá wò wọ́n."

Kò sọ pé òun ń bọ̀ wá kó ẹrù. Ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pe àwọn ọmọ náà, ó dúró díẹ̀ sí i ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lọ.